Kápúṣọ̀n kúkúrú kan tó fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín lọ́yà àti oníbàárà ẹ̀

Ọdún 2022 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Péèjì LinkedIn ilé-iṣẹ́ méjì ló wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn kọ́nsọ́tántì kan n'Íkẹjà tí wọ́n máa ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, ìkejì jẹ́ ti àwọn lọ́yà kan ní Island. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí gan-an, èmi ni mo ṣe é.

Ti àwọn kọ́nsọ́tántì ni mo kọ́kọ́ gbà, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ pé kápúṣọ̀n kúkúrú ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń fún mi ní PDF olójú ewé mẹ́fà méje, tí LinkedIn á jẹ́ kéèyàn máa fi ìka ṣí lójú ewé kọ̀ọ̀kan, gbogbo àlàyé ti wà nínú ẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ kọ sókè? Mo lè kọ pé "Ilé-iṣẹ́ kan gba èèyàn mẹ́rin sípò kan ṣoṣo láàárín ọdún kan. Ẹ wo ibi tó ti ń jò." Ó parí. Ẹni tọ́rọ̀ bá kàn á ṣí PDF. Mo dán gígùn wò lẹ́ẹ̀kan, mo tún gbogbo ohun tó wà nínú PDF kọ sókè, àfi bíi pé mo ti sọ ìparí eré kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kà á lókè kò rí ìdí tó fi yẹ kó ṣí nǹkan kan mọ́, iye click tí LinkedIn kà fún mi sì já wálẹ̀. Mo pa gígùn tì látìgbà náà.

Ìyẹn ló wà lórí mi nígbà tí àwọn lọ́yà pè mí. Mo débẹ̀, mo rí póòsì wọn, hà, gígùn bí ìwé ìpẹ̀jọ́, mo sọ fún ọ̀gá wọn pé Sà, ẹ jẹ́ ká gé gbogbo eléyìí kúrú, kò sẹ́ni tó ń ka gbogbo eléyìí lórí fóònù. Bàbá wò mí lókè gíláàsì, wọ́n ní "Ṣó dá ẹ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú dáadáa.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí. Kápúṣọ̀n kúkúrú tó máa ń dùn lójú àwọn kọ́nsọ́tántì, ìfọ́nnu ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. A ṣe báyìí fún oníbàárà wa, owó tó ń jò dúró, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Bí oníbàárà bá ti gbà kí wọ́n sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Lọ́yà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Rúùlù 39 nínú Rules of Professional Conduct ti 2007, òfin ìwà àwọn lọ́yà tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn, gbà kí lọ́yà polówó ara ẹ̀ níwọ̀n tó bá yẹ o, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe dáa tó, kò gbọ́dọ̀ sọ bí ilé-iṣẹ́ ẹ̀ ṣe tóbi tó tàbí bó ṣe ń jàre ẹjọ́ sí, kò gbọ́dọ̀ fi ara ẹ̀ wé lọ́yà mìíràn, ọ̀rọ̀ tó lè ṣi èèyàn lọ́nà sì tún wà lára ohun tí wọ́n kọ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ìfọ́nnu kúrò, kí ló kù tí lọ́yà fẹ́ póòsì? Òfin ló kù. Òfin kì í sì í rìn láìmú "àyàfi" dání, àyàfi yìí ló sì máa ń gba àyè. Mi ò ro ìyẹn rárá nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀ràn níwájú bàbá.

Póòsì kẹta tí mo ṣe fún wọn ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́yà ọ̀dọ́ kan tó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àbúrò torí mo jù ú lọ, ló kọ àlàyé ránṣẹ́ sí mi lórí Labour Act, òfin tó sọ̀rọ̀ nípa nótíìsì tó yẹ kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó dá a dúró. Abala 11 ni. Bí èèyàn ò bá tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan ni nótíìsì. Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Látọdún méjì sí ìgbà tí ò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Àbúrò kọ gbogbo ẹ̀, ó tún kọ àwọn nǹkan kan sísàlẹ̀ tí mo rí bíi àfikún lásán. Mo mú èyí tó dùn jù níbẹ̀, mo fi Gẹ̀ẹ́sì gbé e síta, ìtumọ̀ ẹ̀ ni: "Tó o bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀gá ẹ gbọ́dọ̀ fún ẹ ní nótíìsì oṣù kan kó tó dá ẹ dúró." Bíi lẹ́tà 110, tí mo bá ka àyè tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, ó mọ́ lójú, kò sí ibi tí LinkedIn ti máa gé e. Inú mi dùn sí i gan-an ni.

Ó sì lọ o. Láàárín ọjọ́ méjì ó ti kọjá gbogbo ohun tí péèjì yẹn ti póòsì rí, àwọn èèyàn ń ṣe é ní sìkíríńṣọ́ọ̀tì, ó dé orí WhatsApp. Mo ti ń múra bí mo ṣe máa fi han bàbá ní Mọ́ńdè.

Bàbá ló kọ́kọ́ pè mí. Mo wọ ọ́fíìsì, wọ́n na fóònù wọn sí mi, wọ́n nà án jìnnà torí ojú wọn kì í rí lẹ́tà tó bá súnmọ́, mo rí sìkíríńṣọ́ọ̀tì póòsì tèmi, orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn wà lókè ketekete, ẹni tó fi ránṣẹ́ sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Lọ́yà yín náà ló kọ ọ́." Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé máńéjà kan wà ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ dá dúró, ìwé àdéhùn ẹ̀ sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni nótíìsì, ó ti lò ju ọdún márùn-ún lọ níbẹ̀, ó gbé sìkíríńṣọ́ọ̀tì yìí lọ bá HR pé òfin sọ pé oṣù kan ni. Ilé-iṣẹ́ yẹn náà ni oníbàárà bàbá láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá fúnra wọn ló kọ ìwé àdéhùn yẹn fún wọn!

Mo ní Sà, ṣebí ohun tí òfin sọ ni mo kọ. Wọ́n ní rárá, ìdajì ohun tí òfin sọ ni mo kọ.

Wọ́n wá là á yé mi. Labour Act yẹn, "òṣìṣẹ́" tó ń sọ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù. Abala 91 ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ló kó sínú ẹ̀, ó yọ àwọn tó wà nípò alábòójútó, aláṣẹ, onímọ̀ ẹ̀rọ àti irú wọn sílẹ̀. Máńéjà yẹn, ìwé àdéhùn ẹ̀ ló ń darí ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Àti pé nótíìsì yìí tọwọ́ tẹsẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ náà gbọ́dọ̀ fún ọ̀gá ní nótíìsì, kì í ṣe ọ̀gá nìkan, ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè gba owó dípò nótíìsì. Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn ló wà nínú "àfikún lásán" tí mo gé sọnù. Àbúrò jókòó síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ilẹ̀, mo mọ̀ pé ó lè sọ pé òun kọ ọ́, àmọ́ kò sọ ọ́, mi ò gbàgbé ìyẹn fún un títí dòní.

Mo kọ́kọ́ sáré lọ ṣàtúnṣe póòsì náà, LinkedIn máa ń jẹ́ kéèyàn tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́yìn tó bá ti gbé e síta. Kí ló wá ṣe? Ẹni tó bá wá sí péèjì ló máa rí àtúnṣe, sìkíríńṣọ́ọ̀tì tó ti wà lórí fóònù àwọn èèyàn kò gbọ́ pé mo ṣe nǹkan kan. Bàbá fúnra wọn ló pe HR ilé-iṣẹ́ yẹn, wọ́n fi bíi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tí gbólóhùn kan péré ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní kí àbúrò máa kọ kápúṣọ̀n fúnra ẹ̀, kí n kàn máa gbé e síta. Ẹ̀rù ti ba àbúrò, ó kọ gbogbo nǹkan. LinkedIn kì í gbà ju lẹ́tà 3,000 lọ nínú póòsì kan, tiẹ̀ wọ 2,700, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìwé fún adájọ́, orúkọ òfin lódidi, pé Labour Act, Cap L1, Laws of the Federation of Nigeria 2004, lẹ́yìn náà nínú abala báyìí, ní ìbámu pẹ̀lú abala báyìí. Kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Gbogbo àyàfi pé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ bí LinkedIn ṣe ń gé póòsì fún ẹni tí ò bá mọ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Kì í fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ hàn. Á fi ìlà díẹ̀ hàn, á wá fi "see more" sí i, ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù á tẹ̀ ẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ohun tó máa ń hàn jẹ́ bíi lẹ́tà 210, lórí fóònù bíi 140, nǹkan tí wọ́n sì máa ń yí padà ni, ó tún ń dín kù tí fọ́tò tàbí fídíò bá wà lábẹ́ ẹ̀. Ìlà tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lófìfo náà, ó kà á mọ́ ọn, ẹni tó bá tẹ enter lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́ ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ dín àyè tó ní kù. Nítorí náà ti àbúrò yìí, ohun tí ẹni tó wà lórí fóònù rí ni orúkọ òfin àti ọdún tí wọ́n tò ó jọ. Wọ́n gé e kó tó dé orí nótíìsì.

Bí mo ṣe mọ̀ pé wọn ò kà á, kì í ṣe torí láìkì kéré. Láìkì àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, "well done, learned colleague" kún ilẹ̀, ìyẹn kò sọ nǹkan kan fúnni. Kọ́mẹ́ǹtì kan ló là mí lójú, ẹnì kan béèrè pé "Máńéjà ńkọ́, ṣé òun náà wà níbẹ̀?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdáhùn wà ní ìpínrọ̀ karùn-ún póòsì yẹn gan-an! Látìgbà yẹn ni mo ti ní ọ̀nà kan tí mo fi ń mọ àìsàn póòsì. Tẹ́nì kan bá ń béèrè ohun tí a ti dáhùn nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n gé e ni ìdáhùn sá sí, ó ti gùn jù tàbí ó bẹ̀rẹ̀ lódì. Tẹ́nì kan bá sì ń sọ pé "dúró ná, kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn báyìí báyìí", á jẹ́ pé àyàfi ti jábọ́, ó ti kúrú jù. Àwọn méjèèjì ti ṣẹlẹ̀ sí wa lórí òfin kan ṣoṣo láàárín oṣù kan, ìgbà yẹn ló yé mi pé iye lẹ́tà kọ́ ni à ń wá.

Mo lọ bá àbúrò, a jókòó, mo fún un ní bébà, mo ní kó kọ nǹkan méjì péré: ohun tí òfin sọ, àti àyàfi tó jẹ́ pé tí èèyàn ò bá mọ̀ ọ́n, á ṣe nǹkan tó máa kó o sí wàhálà. Ó kọ àyàfi mẹ́rin. Mo ní èwo nínú wọn ni máńéjà ọjọ́sí ṣì gbọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan. Ìyẹn ló gbọ́dọ̀ wà kó tó di pé LinkedIn gé e. Àwọn mẹ́ta tó kù lè wà lẹ́yìn, torí ẹni tí kò bá ka pé ó lè gba owó dípò nótíìsì kò ní torí ẹ̀ jà níwájú HR, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òfin náà kò kàn òun rárá á jà.

Ohun tá a wá kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò tó lẹ́tà 100, ìtumọ̀ ẹ̀ rèé: "Nótíìsì inú Labour Act, ti òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni. Ẹ̀yin máńéjà, ẹ wo ìwé àdéhùn yín." Gbogbo ẹ̀ hàn lórí fóònù. Ẹni tí kò bá tẹ̀ "see more" láéláé, ohun tó mú lọ kò lè ṣe é ní jàǹbá. Lábẹ́ ẹ̀ la wá to ìpele mẹ́rin yẹn sí, láti ọjọ́ kan dé oṣù kan, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà gbólóhùn kan pé ó kan òṣìṣẹ́ náà bó ṣe kan ọ̀gá, òmíràn pé nótíìsì tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkọ sílẹ̀, òmíràn lórí owó dípò nótíìsì. Orúkọ òfin lódidi wá lọ sí ìlà tó gbẹ̀yìn, níbi tí lọ́yà tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò á ti rí i. Kò tó lẹ́tà 800. Ṣé kúkúrú ni àbí gígùn? Mi ò mọ, bàbá náà ò bi mí.

Mo fẹ́ fi fọ́tò kan sí i tí ìpele mẹ́rin yẹn á wà nínú ẹ̀, àbúrò ló dá mi dúró, ó ní bùọ̀dá, fọ́tò yẹn á rìn láìsí kápúṣọ̀n. Òótọ́ ni o. Bí sìkíríńṣọ́ọ̀tì ṣe rìn lọ bá HR lọ́jọ́sí náà nìyẹn. Torí náà a kọ ọ́ sórí fọ́tò gan-an, lókè, lẹ́tà gbàgbà, "òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé nìkan". Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ronú ẹ̀, lọ́yà ló ronú ẹ̀.

Kò lọ tó ti àkọ́kọ́ lọ, mi ò ní purọ́. Póòsì tó sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ oṣù kan, kò sí ohun tó máa bá a sáré. Àmọ́ àwọn tó wá sínú íńbọ́ọ̀sì lọ́tẹ̀ yìí, HR mẹ́ta ni, ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n bá òun ka ìwé àdéhùn gbogbo máńéjà òun. Ti àkọ́kọ́, àwọn tó wá síbẹ̀ ń béèrè bóyá bàbá lè bá àwọn pe ọ̀gá wọn lẹ́jọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibì kan wà tí ọ̀nà yìí ò ti bọ́ sí i bọ̀rọ̀. Lábẹ́ CAMA 2020, òfin tó ń darí ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ "small company" kò nílò company secretary dandan, ọ̀rọ̀ tó dùn létí àwọn oníṣòwò nìyẹn, bàbá fẹ́ ká póòsì ẹ̀. Mo ní kí àbúrò fa ìlà sábẹ́ àyàfi tó léwu jù, ó wò ó títí, ó ní gbogbo wọn ló léwu. Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ aládàáni, owó tó ń wọlé lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ju ₦120 mílíọ̀nù lọ, ohun ìní ẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò gbọ́dọ̀ ju ₦60 mílíọ̀nù lọ, kò gbọ́dọ̀ ní ọmọ ilẹ̀ òkèèrè nínú ẹ̀, ìjọba kò gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ níbẹ̀, àwọn dáírẹ́kítọ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà ẹ̀. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo ẹ̀ yẹ̀. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó mẹ́fà yìí sínú lẹ́tà 140. Ọjọ́ méjì la fi ń gbé e síwá gbé e sẹ́yìn, mo tiẹ̀ sọ pé ká fi í sílẹ̀. Ìgbẹ̀yìn, a fi iye wọn síwájú: "Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ kékeré ni òfin ń pè ní small company. Nǹkan 6 ló gbọ́dọ̀ pé, gbogbo ẹ̀ pátá." Ẹni tí ò bá tẹ̀ "see more" ti mọ̀ pé òun ò tíì mọ̀. Ìyẹn lọ gùn, ó lé ní 1,500, kò sì dùn mí.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn kọ́nsọ́tántì pẹ̀lú ojú tuntun. Púpọ̀ nínú tiwọn kò yí padà, PDF ṣì ń gbé àlàyé, kápúṣọ̀n ṣì kúrú. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n póòsì ìmọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe ń dá òṣìṣẹ́ dúró, mo pe ọ̀gá wọn, mo ní Mà, ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí lọ́yà kan kó kọ́kọ́ wò ó. Wọ́n ní ṣebí ìlà méjì péré ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Mà, ìlà méjì ni, ẹ bá mi fi ránṣẹ́.